Omi Ló Ń Lé Òróró Jáde Lára Ẹ̀pà

Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì la fẹ́ sọ nírọ̀lẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìdí odó la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Sáríà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná yóò mọ Sàmárù, níbi tí Yunifásítì Àmọ́dù Bẹ́lò wà láti ọdún 1962. Bómò kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Abúlé ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ọgbà yunifásítì náà. Ní àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ yíká Sáríà, ẹ̀pà kì í ṣe ìpanu lásán. Àwọn obìnrin ń fi í ṣe òróró, wọ́n sì ń fi èyí tó bá ṣẹ́kù dín kúlíkúlí, èyí tí gbogbo wa ń rún sínú gàrí. Ẹnu ọ̀nà tí kúlíkúlí ti ń jáde wá yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ náà díẹ̀. Obìnrin náà á kọ́kọ́ yan ẹ̀pà, á bó èèpo pupa ara rẹ̀, á fẹ́ ẹ dànù, á sì gbé ẹ̀pà náà lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kò rí bí ìyẹ̀fun. Ó kì, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí pé ó sún mọ́ ìdajì ìwọ̀n ẹ̀pà tó jẹ́ òróró. Bí ẹ bá gbé kílò mẹ́wàá ẹ̀pà tí a ti pa sórí òṣùwọ̀n, kílò mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún nínú rẹ̀ lè jẹ́ òróró. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé ẹ̀pà lílọ̀ náà kalẹ̀, díẹ̀ ni òróró tó máa fúnra rẹ̀ yọ sókè. Ìyókù á dúró sínú rẹ̀ bí ẹni pé ó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ni obìnrin náà wá ṣe? Ó dà á sínú odó, ó ń fi ọmọ odó yí i, ó sì ń wọ́n omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Á yí i, á tún wọ́n omi, á tún yí i. Tó bá yá, ẹ̀pà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara rẹ̀ jọ di òkìtì kan, á yọ kúrò lára ògiri odó, òróró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde yí i ká. Á da òróró náà sínú ìkòkò, á fún ìyókù lọ́wọ́, á yí i ní rògódó tàbí kó fà á gùn, á sì dín in nínú òróró tó ti ara rẹ̀ jáde.

Ó yẹ kí èyí ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó ń wá òróró ló ń da omi sí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi àti òróró kì í pò, ta ló wá sọ fún àwọn ìyá wọ̀nyí pé omi ló máa bá wọn mú òróró jáde? Àìpò yẹn gan-an ni irinṣẹ́ wọn. Láti mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, a ní láti mọ ìdí tí omi àti òróró kò fi ń pò, ìdí náà kì í sì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò.

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè, ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ dáhùn pé òróró fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń léfòó. Òótọ́ ni pé ó fúyẹ́. Lítà omi kan wọn kílò kan. Lítà òróró ẹ̀pà kan wọn nǹkan bí 910 gíráàmù. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ògógóró wò. Ọtí tó wà nínú rẹ̀ fúyẹ́ ju òróró lọ, nítorí pé lítà ọtí tí kò ní àbùlà kò ju nǹkan bí 790 gíráàmù lọ, omi ló sì kún ìyókù ìgò náà. Ẹ gbé ìgò ògógóró sórí àjà fún ọdún mẹ́wàá, ọtí kò ní gòkè kí omi wá wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fífúyẹ́ ló ń yà wọ́n, ọtí ni ìbá kọ́kọ́ yà kúrò lára omi kó tó kan òróró.

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ẹ da òróró díẹ̀ àti kẹrosíìnì díẹ̀ sínú ìgò kan, kẹ́ ẹ mì í. Ìwúwo wọn kò dọ́gba, síbẹ̀ wọn á wọnú ara wọn pátápátá, wọn kò sì ní yà mọ́. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dà á nù lẹ́yìn náà, kí ọmọdé má baà rò pé òróró ni.) Ìwúwo ló ń sọ èyí tó máa wà lókè àti èyí tó máa wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti kọ̀ láti pò. Kò sí ohun tó kàn án nínú kíkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ omi dé ibi tí ojú kò lè dé. Ègé omi tó kéré jù lọ, tí à ń pè ní mólékù, ní átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan àti háídírójìn méjì. Háídírójìn méjèèjì kò jókòó ní òdìkejì ara wọn gbọọrọgbọ. Wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ́síjìn sì jẹ́ alágbára nínú fífa nǹkan sọ́dọ̀: ó ń fa ẹlẹ́kítírọ́nù tó yẹ kí wọ́n jọ pín sí apá tirẹ̀. Nítorí náà, apá ibi tí ọ́síjìn wà ní àmì àyọkúrò díẹ̀, apá ibi tí háídírójìn wà sì ní àmì àròpọ̀ díẹ̀. Mólékù tí apá rẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní pólà.

Àmì àyọkúrò àti àmì àròpọ̀ máa ń fa ara wọn. Háídírójìn omi kan á di ọ́síjìn omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ìyẹn náà á di òmíràn mú, tó fi jẹ́ pé mólékù omi kan lè di aládùúgbò mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdìmú yìí kì í ṣe àdìpa. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á ti já, wọ́n á ti tún dì, àìmọye ìgbà. Òmìnira láti jáwọ́ lára ẹnì kan kí ó sì di ẹlòmíràn mú yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ló máa dá wa lóhùn láìpẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìdìmú náà ti lágbára tó, ẹ fi omi wé hẹ́sénì. Olómi tó mọ́ gaara ni hẹ́sénì, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìbátan pẹtiróòlù sì ni. Mólékù hẹ́sénì kan wúwo ju mólékù omi kan lọ ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún: 86 sí 18. Èèyàn á rò pé èyí tó wúwo ló máa ṣòroó sọ di ooru. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Hẹ́sénì ń hó nígbà tí ooru bá dé 69 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, omi sì di 100 kó tó hó. Omi kò fẹ́ tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Òróró ńkọ́? Mólékù òróró ẹ̀pà tóbi. Ó ní orí kan, ẹ̀wọ̀n mẹ́ta sì so mọ́ orí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀wọ̀n náà sì gùn tó kábọ́nù 18. Kábọ́nù àti háídírójìn ló kún ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí, àwọn méjèèjì sì ń fa ẹlẹ́kítírọ́nù ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí apá tó ní àmì àròpọ̀, kò sí apá tó ní àmì àyọkúrò tó tó nǹkan. Aláìpólà nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọ́síjìn díẹ̀ wà ní orí tí ẹ̀wọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́, ṣùgbọ́n kí ni ọ́síjìn mẹ́fà fẹ́ ṣe láàárín kábọ́nù tó lé ní àádọ́ta?

Ẹ má ṣe rò pé mólékù òróró kì í fa ara wọn. Ẹlẹ́kítírọ́nù inú wọn kì í dúró lójú kan, bí wọ́n bá sì ti rọ́ sápá kan fún ìgbà díẹ̀, àmì díẹ̀ á yọ níbẹ̀, àmì yẹn á sì fa aládùúgbò. Fritz Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1930. Agbára rẹ̀ kò tó nǹkan níbi ìfarakanra kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n gígùn ní ibi ìfarakanra púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí òróró inú páànù kì í fi í fò lọ bí omi.

Nígbà náà, ó rọrùn láti rí ìdí tí òróró fi ń gba kẹrosíìnì mọ́ra. Bí mólékù òróró kan bá kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bọ́ sáàárín kẹrosíìnì, irú ìfàmọ́ra kan náà ló bá níbẹ̀. Kò pàdánù nǹkan kan. Iyọ̀ nínú omi náà nìyẹn: iyọ̀ jẹ́ àkójọ ohun tó ní àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò gidi, mólékù omi á sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, wọ́n á kọ apá tó yẹ sí i. 100 gíráàmù omi lè mú nǹkan bí 36 gíráàmù iyọ̀ yòrò. Ẹ da iyọ̀ yẹn kan náà sínú òróró tí kò ní omi, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa jókòó sí. Pólà ń gba pólà, aláìpólà ń gba aláìpólà. Ẹni tó bá ti fi abọ́ oníke bu ọbẹ̀ epo pupa rí náà mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n: àwọ̀ pupa inú epo jẹ́ aláìpólà, ike náà jẹ́ aláìpólà, omi lásán kò sì lè yà wọ́n. Ẹ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa abọ́ náà kọ́kọ́, kí àwọ̀ yẹn rí ibòmíràn lọ, kẹ́ ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n òróró nínú omi ńkọ́? Àlàyé tí mo máa ń gbọ́ ni pé omi kórìíra òróró, pé wọ́n ń ti ara wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kán òróró ẹ̀pà kan sórí omi tó mọ́ nínú bàsíà, ẹ óò rí i tí ó tàn. Ohun tó ń sá kì í tàn. Omi àti òróró ń fa ara wọn díẹ̀. Ìṣòro náà wà láàárín omi àti omi.

Ẹ fojú inú wo ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń ṣeré lójú agbo, tí oníkálùkù ń di ọwọ́ èyí tó bá sún mọ́ ọn mú, tó ń jáwọ́, tó tún ń yí di ẹlòmíràn mú, síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Wàyí o, ẹ gbé òpó kan sáàárín wọn. Òpó kò lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó yí i ká kò lè nawọ́ sí i, wọn kò sì fẹ́ kí ọwọ́ wọn ṣófo. Wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ sí òpó náà, wọ́n á sì máa di ara wọn mú yí i po. Ọwọ́ wọn kò já, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí síbi tó wù wọ́n mọ́. Òmìnira wọn ló dínkù.

Bí omi ṣe ń ṣe yí mólékù òróró kan ká nìyẹn. Bí a bá fi ooru wọ̀n ọ́n, ohun tó yani lẹ́nu la ó rí: bí ègé aláìpólà kékeré bá wọnú omi tútù, kò náni ní ooru, nígbà mìíràn ooru díẹ̀ tilẹ̀ máa ń jáde. Èyí fi hàn pé ìdìmú omi kò já púpọ̀. Ohun tó náni ni ètò. Omi tó yí òróró ká ti wà létòlétò ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀nà tó lè gbà tò sì ti dínkù. Ìṣẹ̀dá kì í sì í dúró síbi tí ọ̀nà bá ti kéré nígbà tí ibi tí ọ̀nà ti pọ̀ wà nítòsí. Henry Frank àti Marjorie Evans ló gbé àlàyé yìí jáde ní ọdún 1945. Wọ́n tilẹ̀ fi omi tó yí òróró ká wé yìnyín. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn sọ pé ti yìnyín yẹn ti pọ̀ jù, pé omi náà kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé òmìnira rẹ̀ dínkù ní tòótọ́.

Bí mólékù òróró méjì bá wá fara pọ̀, omi tó nílò láti yí wọn ká á dínkù. Bí ẹgbẹ̀rún bá fara pọ̀ di ẹ̀kán kan, àwọn omi tó ti há á gba òmìnira wọn padà. Nítorí náà ni òróró tí ẹ mì nínú ìgò omi ṣe ń para pọ̀, ẹ̀kán kékeré á wọnú ẹ̀kán ńlá, títí á fi di ìpele kan. Omi ló ń kó o jọ. Ìwọ̀n tó lè wọnú omi kéré débi pé lítà omi kan kì í gbà ju nǹkan bí mílígíráàmù mẹ́wàá hẹ́sénì lọ, bẹ́ẹ̀ hẹ́sénì sì kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí odó.

Nínú ẹ̀pà lílọ̀, òróró nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Purotéènì wà níbẹ̀, sítáàṣì wà níbẹ̀, àti àwọn ègé ara ẹ̀pà tí ẹ̀rọ fọ́ túútúú. Ara purotéènì àti sítáàṣì kún fún ọ́síjìn àti àwọn apá pólà mìíràn. Ṣùgbọ́n yíyan ti gbẹ omi inú ẹ̀pà, nítorí náà òróró ló ráyè pa mọ́ wọn lára, ó sì wọ gbogbo kòrọ̀ àárín wọn. Kì í ṣe pé wọ́n bá ara wọn mu. Òróró ló bá ààyè tó ṣófo.

Nígbà tí omi gbígbóná bá dé, oní-nǹkan dé nìyẹn. Omi á di àwọn apá pólà wọ̀nyẹn mú, á sì ti òróró kúrò lára wọn. Àwọn ègé ẹ̀pà tí omi ti bò á wá lẹ̀ mọ́ ara wọn, torí omi tó wà lára èyí fẹ́ di omi tó wà lára ìyẹn mú. Ìdí nìyí tí ẹ̀pà náà fi ń kóra jọ tó sì ń yọ kúrò lára odó. Òróró tí kò níbi tó máa lẹ̀ mọ́ mọ́ á para pọ̀, á sì sun síta. Ọmọ odó tó ń yí ló ń mú kí ẹ̀kán òróró kan pàdé èkejì. Gbígbóná omi náà ní iṣẹ́ méjì: ó ń mú kí òróró ṣàn dáadáa, ó sì ń mú kí purotéènì dì, kó má lè rọ̀ mọ́ òróró.

Ẹ̀yìn odó ni ọgbọ́n iṣẹ́ wà, ìyẹn nínú ìwọ̀n omi. Bí omi bá kéré, òróró púpọ̀ á ṣì há sí kòrọ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, ó tún burú ju ìyẹn lọ. Purotéènì ẹ̀pà ní apá pólà àti apá aláìpólà lára kan náà. Tó bá rí omi púpọ̀, á yí ẹ̀kán òróró ká, á kọ apá aláìpólà sí òróró, á kọ apá pólà sí omi, òróró á sì fọ́nká sínú omi ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí kò lè para pọ̀ mọ́. Ọṣẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún epo ara abọ́. Ẹni tó ń wo odó á mọ̀: dípò kí ẹ̀pà kóra jọ kó sì máa dán, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ògiri odó padà. Kò sí òróró tó máa sun níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n gbé e kaná, kí omi náà gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń náni ní igi àti àkókò. Àwọn mìíràn máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe fún adùn nìkan: iyọ̀ ń gba omi mọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí ó ṣòro fún aláìpólà láti dúró nínú omi náà.

Bó ti wù kí ọwọ́ obìnrin náà mọ́ tó, òróró á ṣì ṣẹ́kù sínú kúlíkúlí. Èló ló kù? Ibí yìí ni a ti máa ré kọjá láti Bómò wọ yàrá àyẹ̀wò, irú èyí tó wà nínú yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, torí lílé ni omi ń lé òróró, kì í gbé e. Àfi ká wá olómi tí òróró máa yòrò sínú rẹ̀, hẹ́sénì sì ni ọ̀pọ̀ ń lò.

Ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe é ni Franz von Ṣọ́síléètì gbé jáde ní ọdún 1879, ọ̀rá inú wàrà ló sì ń wá nígbà náà. Wọ́n á gún kúlíkúlí kúnná, wọ́n á wọn gíráàmù mẹ́wàá sínú àpò pépà kan, wọ́n á gbé e sínú gíláàsì tó wà lókè ìgò oníkùn tí hẹ́sénì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á mú ìgò náà gbóná láìlo iná tó ń jó, torí hẹ́sénì yára gbaná ju bí ẹ ṣe rò lọ. Hẹ́sénì á di ooru, á gòkè, á bá gíláàsì tútù pàdé, á di olómi padà, á sì máa kán sórí kúlíkúlí náà. Tó bá kún dé ìwọ̀n kan, gbogbo rẹ̀ á fà padà wọ ìgò pẹ̀lú òróró tó ti mú. Òróró kì í hó nínú ìgò náà. Hẹ́sénì nìkan ló ń tún gòkè, ní mímọ́. Báyìí ni kúlíkúlí á máa wẹ̀ nínú hẹ́sénì tó mọ́ lọ́tun lọ́tun fún wákàtí bíi mélòó kan.

Ká ní ìgò náà tó ṣófo wọn 112.40 gíráàmù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé hẹ́sénì kúrò pátá, ó wọn 113.90. Òróró tó jáde jẹ́ gíráàmù kan àbọ̀ nínú mẹ́wàá, ìyẹn ìdá 15 nínú 100. Ìyá tó ni kúlíkúlí yẹn ti fi òróró tó ṣe é tà sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó fà mu nígbà tí wọ́n ń dín in. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi hẹ́sénì yọ òróró kì í sábà fi tó ìdá kan nínú 100 sílẹ̀ sínú ìdàrọ́ tiwọn.

Ọ̀nà méjì tí iye yẹn lè gbà parọ́ ló máa fi hàn yín pé òfin kan náà ṣì là ń sọ. Àkọ́kọ́, bí wọn kò bá kọ́kọ́ gbẹ kúlíkúlí náà dáadáa, omi tó wà lára àwọn ègé rẹ̀ á dí ọ̀nà. Hẹ́sénì kò lè gba inú omi kọjá dé ọ̀dọ̀ òróró, iye tí wọ́n á rí á sì kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹ̀kejì, bí ẹnì kan bá fi ọtí líle rọ́pò hẹ́sénì, ọtí á mú òróró díẹ̀, á sì mú ṣúgà àti àwọn nǹkan pólà mìíràn wá pẹ̀lú. Ìgò á wúwo, ẹni náà á sì rò pé òróró ni gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi pẹtiróòlù dán èyí wò nínú ilé ìdáná o. Pẹtiróòlù á mú òróró jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò ní ṣeé jẹ mọ́, ilé sì lè jóná.

Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn gbé wa dé ibi tí òfin yìí ti ń mì. Pólà àti aláìpólà kì í ṣe yàrá méjì tí ògiri wà láàárín wọn. Ọtí inú ògógóró ní kábọ́nù méjì àti apá pólà kan, ó sì ń pò mọ́ omi ní ìwọ̀nkíwọ̀n. Bí ẹ bá na ẹ̀wọ̀n irú ọtí bẹ́ẹ̀ dé kábọ́nù mẹ́rin, 100 gíráàmù omi kò ní gbà ju nǹkan bíi méje lọ. Ẹ nà án dé mẹ́fà, kò ní tó gíráàmù kan. Apá pólà kò yí padà. Ìrù aláìpólà ló ń gùn, tó sì ń borí.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì. Òróró lárà rí bí òróró, ó ń yọ̀ bí òróró, kò sì pò mọ́ omi. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹ̀wọ̀n mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó wà nínú rẹ̀ ló gbé apá pólà kan sáàárín ara, irú èyí tó wà lára ọtí. Nítorí náà, òróró lárà ń wọnú ọtí líle tí omi rẹ̀ kéré láìjanpata, hẹ́sénì tútù kò sì lè gbà á tán, èyí tó jẹ́ òdìkejì ohun tí òróró ẹ̀pà ń ṣe. Ẹni tó bá ra òróró lárà lọ́jà, tó sì ń fura pé wọ́n ti fi òróró ẹ̀pà là á, lè bu ṣíbí kan rẹ̀ sínú ìgò, kó da ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sípíríìtì tó lágbára láti ilé ìtajà oògùn sí i, kó sì mì í. Òróró lárà tí wọn kò là á mọ́ nǹkan kan á wọlé, olómi náà á sì mọ́ gaara. Bí òróró ẹ̀pà bá wà nínú rẹ̀, á dàrú, á ṣú, tí ẹ bá sì gbé e kalẹ̀ fúngbà díẹ̀, èyí tí ọtí kò gbà á ti rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò, torí ọtí fúyẹ́ jù ú lọ. Sípíríìtì tí wọ́n ti bu omi là kò ní ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè mú kí òróró lárà gidi náà ṣú, kí ẹ wá fẹ̀sùn kan ọlọ́jà tí kò ṣe ohunkóhun.